Ọ̀rọ̀ Àlọ-Àbọ̀ Tíṣà Ọláwùmí

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn ènìyàn ńlá, kó yáa kọjá lọ. Ọláwùmí Ògúnbọ̀dé kò kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì du ipò kankan rí. Tíṣà kíláàsì kẹta ni ní Odòde Ìdànrè níbí, ìwé mẹ́fà ló sì kà mọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ tíṣà yẹn ló sì fi ń bọ́ wọn. Èmi Moríyọ̀ Fọláyan ni mo ń kọ́ kíláàsì kejì. Ẹní la ta sáàárín kíláàsì wa méjèèjì, gbogbo ohun tó bá ń lọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbọ́, bí mo fẹ́ bí mo kọ̀.

Ọdún 1955 ni, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Àwọn ọmọ ya wọ ilé ìwé débi pé ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ìwé kíkà kò kárí, ṣọ́ọ̀kì kò tó. Bí ẹlòmíràn ṣe ń sunkún, Ọláwùmí lọ kó páálí ṣúgà jọ, ó gé e wẹ́wẹ́, ó kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni eré tí mo fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Á pe ọmọ mẹ́ta síwájú, á fún wọn ní páálí: a, r, a. Gbogbo kíláàsì á kà á láti ọwọ́ òsì: ara. Ọláwùmí á pariwo pé, “Ẹ yí padà!” Ẹni tó wà níparí á sáré wá síwájú, ẹni tó wà níwájú á sáré lọ sí ìparí, ti àárín kò ní mira. Wọ́n á tún kà á: ara. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá lọ tó sì bọ̀ láìyí ojú padà báyìí, ọ̀rọ̀ àlọ-àbọ̀ ni wọ́n ń pè é. Tó bá sì jẹ́ pé ó di ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tó ń bọ̀, ayípadà nìyẹn.

Má rò pé eré ọmọdé ni o. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, títí mo fi jókòó tì í. Àmì ohùn ló máa ń mú ènìyàn. Ọmọ tó mú fáwẹ̀lì ló mú àmì rẹ̀ pẹ̀lú, tí ọmọ bá sì sáré lọ, àmì á tẹ̀ lé e. Ẹ wo ewé. Lẹ́tà rẹ̀ lọ, ó sì bọ̀, ṣùgbọ́n àmì òkè wà lórí èyí tó kẹ́yìn. Tí wọ́n bá yí i, àmì òkè á bọ́ síwájú, á wá di éwe. Ta ló gbọ́ éwe rí? Wọ́n á sì hó pé “Ó ṣubú!” Ẹbọ ńkọ́? Tí a bá yí i, lẹ́tà á kọ ọbẹ, ṣùgbọ́n kò sí àmì ìsàlẹ̀ níwájú tí ì bá fi jẹ́ ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹran, kò sì sí lẹ́yìn tí ì bá fi jẹ́ ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ iyán. Ó ṣubú. Òkè wa yìí gan-an, tí gbogbo ayé fi mọ Ìdànrè, tí a bá yí lẹ́tà rẹ̀, Èkó ló fẹ́ jọ, àfi pé ohùn kò jẹ́ kó dé Èkó.

Àwọn tí kì í ṣubú ló dùn. Ọjà: ọmọ tó mú ọ kò ní àmì, ọmọ tó mú à ní àmì ìsàlẹ̀. Ẹ yí padà! À ti bọ́ síwájú tòun ti àmì rẹ̀, ó ti di àjọ. Ẹ̀wà, àmì ìsàlẹ̀ méjì; ẹ yí padà, ó di àwẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rí i pé ìdàkejì ẹ̀wà ni kéèyàn má jẹun rárá. Láàárín oṣù kan, kò sí ọmọ kíláàsì kẹta tí kò mọ àmì í fi sí ọ̀rọ̀. Àwọn tèmi ṣì ń fọ́n àmì bí ẹni ń fọ́n iyọ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ rere rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ aburú wa pẹ̀lú. Pátákó kékeré kan wà lára ògiri rẹ̀, ó ní okùn lọ́rùn. Ọmọ tó bá sọ èdè ilé nínú kíláàsì, tó pe ilé ní ohun tí ìyá rẹ̀ ń pè é dípò bó ṣe wà nínú ìwé, Ọláwùmí á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ náà sára pátákó, á gbé e kọ́ ọmọ náà lọ́rùn títí di àkókò ìpadàsílé. Èmi náà ní tèmi. Bí wọ́n ṣe tọ́ àwa náà nìyẹn, a kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, Olúyẹ́misí ló gbé e kọ́rùn, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, ọmọ ọ̀gbẹ́ni Dúrótoyè tó ń dá oko kòkó. Ó sunkún láìpariwo, ó sì gbé e dé òpin.

Ọjọ́ Ajé, alábẹ̀wò ilé ìwé dé. A ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, a sì mọ ìdí tó fi ń bọ̀. Àwọn tíṣà tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ń tò wọlé, àwọn tí kò ní sàtífíkéètì sì ni wọ́n ń yọ. Ní ilé ìwé tiwa, Ọláwùmí nìkan ni kò ní. Ọ̀gá àgbà wa, ọ̀gbẹ́ni Olúsànmí, ti sọ fún un láìfi bò pé, “Tí alábẹ̀wò bá fọwọ́ sí ọ, o dúró. Tí kò bá fọwọ́ sí ọ, mi ò ní agbára kankan, ìyá àwọn ọmọ.” Ìkòkò kan náà ni mo rí Ọláwùmí tó fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Olútìmẹ́hìn Adésànyà ni orúkọ alábẹ̀wò náà, ará apá Ọ̀yọ́, kúkúrú, aṣọ rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó wọ kíláàsì kẹta, àgbà ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ọmọ mẹ́ta ló dúró: à, gb, à. Wọ́n kà á, wọ́n yí i, wọ́n tún kà á: àgbà. Àtẹ́wọ́ sọ.

“Ẹ dákẹ́,” ni alábẹ̀wò wí. Ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, ó wá ń fi ìka tọ́ka sí i láti ẹ̀yìn. “A. B. G. A. Kí ni mo kà? Abga! Ìyá yìí, irọ́ lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò bọ̀ bó ṣe lọ.”

Mo yọjú wò wọ́n láti ihò ẹní. Ọláwùmí gba páálí gb lọ́wọ́ ọmọ tó dúró láàárín, ó gbé e sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, lẹ́tà kan ni gb nínú èdè wa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kà á fún ọ̀gá.”

Àwọn ọmọ gbé e lórin: “A, b, d, e, ẹ, f, g, gb...”

“Ẹ gbọ́, sà. G dá dúró, gb dá dúró. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ẹnu yín pín in, kí ẹ kọ́kọ́ sọ g kí ẹ tó sọ b. Kò ní í pín. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ahọ́n àti ètè ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọmọ kan ṣoṣo.”

Mo rí i tí alábẹ̀wò ń mi ètè díẹ̀díẹ̀: g... b... gb. Ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì pariwo “Abga!”, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Orí mi ni mo fi gbá ògiri. Àwọn ọmọ ti bà á jẹ́! Ojú ọkùnrin náà yí padà.

“Ó dára,” ló wí, ó sì rọra nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. “Fáwẹ̀lì Yorùbá, mélòó ni?”

“Méje ni, sà.”

“Bí eré yìí bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lóòótọ́, á gba gbogbo wọn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan fún fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, tó fi í bẹ̀rẹ̀, tó fi í parí, tó lọ tó sì bọ̀ tòun ti ohùn rẹ̀. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la ni mo máa padà wá, ọ̀la náà ni mo máa kọ orúkọ ẹni tó dúró àti ẹni tó ń lọ. Tí ó bá pé méje, mo fọwọ́ sí i. Tí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ má bínú sí mi.”

Kò tíì jáde tán tí Ọláwùmí ti ń kà á lórí ìka. Ara. Èdè. Ẹyẹ. Igi. Oko. Ọmọ. Mẹ́fà, kíá báyìí. Ó gbé ìka keje sókè, ìka náà sì dúró lófuurufú.

“Moríyọ̀,” ló wí láti ìdí ẹní. “U.”

Háà! Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó fi u bẹ̀rẹ̀? Àwa méjèèjì sáré lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, a ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Bí T ṣe parí, W ló tẹ̀ lé e. U kò ní ojú ewé kankan. Ọláwùmí yí ewé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé ó lè já bọ́ láti ibì kan.

Nígbà tí ilé ìwé pa, mo gbé ẹ̀wà lọ fún un nílé, torí mo mọ̀ pé kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Ó jókòó síwájú ẹ̀wà, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀: “Ubu. Udu. Ufu. Ugu. Ugbu...” Ó ń to lẹ́tà tẹ̀ léra sáàárín u méjì bí ẹni ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé s àti ṣ, ó sọ wọ́n kọjá pẹ̀lú ìyókù, kò tilẹ̀ dúró, torí etí tó fi ń gbọ́ wọn, etí ìwé ni.

Mo ní, “Ọláwùmí, jẹun. Ẹ̀wà tí mo gbé wá ti yí padà di àwẹ̀ o.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí ni màá sọ fún àwọn ọmọ mi? Pé lẹ́tà kan ló lé mi níṣẹ́?” Omi dà lójú rẹ̀. Mo bínú débi pé mo bú alábẹ̀wò náà, mo bú ìyá tó bí i, mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ìyá Ọláwùmí ń gbé ní Aládé nítòsí wa, Ọláwùmí sì pinnu pé òun á lọ sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo sìn ín. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, àwọn alágbàṣe ń ti oko kòkó bọ̀, ìyá arúgbó náà sì jókòó ti iná lẹ́yìnkùlé, ó ń họ ara iṣu tó ti sun. Ọláwùmí kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àgbà dé orí u. Ìyá náà kò mọ̀wé, kò sì dáhùn ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti gbẹ, ó bu èyí tó rọ̀ jù, ó nà án sí i.

“Jẹ uṣu, ọmọ mi.”

Ọláwùmí gbà á. Láìronú rárá, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ní, “Iṣu ni, Màmá.”

Ìyá arúgbó náà fọn imú. “Iṣu tìrẹ nìyẹn. Uṣu ni tèmi.”

Iṣu bọ́ sínú eérú. Ọláwùmí gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, ó ń fi ìka kọ ọ́ sójú afẹ́fẹ́: u, ṣ, u. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Kò sí àmì níwájú, kò sí àmì lẹ́yìn, ohùn àárín méjì geere. “Moríyọ̀, kò ṣubú! Kò ṣubú!” Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ìyá náà ń pariwo pé kó ṣọ́ra fún iná, kí ló dé, ṣé uṣu ló ń pa á?

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lójú ọ̀nà ni mo wá rí i pé ojú rẹ̀ tún ti pọ́n.

“Kò ní gbà á,” ló wí. “Ará Ọ̀yọ́ ni. Á ní kò sí nínú ìwé. Á ní ta ló ń sọ ọ́.”

Mo ní, “Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́? Ọmọ Ìdànrè mà ni wọ́n. Pe èyíkéyìí kó wá sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tù ú nínú. Ó yára rìn ṣáájú mi títí a fi dé Odòde, n kò sì mọ ohun tó ń rò nígbà náà.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù lọ́jọ́ kejì tí alábẹ̀wò ti jókòó, ìwé orúkọ wà lórí itan rẹ̀, ọ̀gá àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀ ó ń nu òógùn. Mo fi àwọn ọmọ tèmi sílẹ̀ pé kí wọ́n máa ya ẹyẹ, mo gbé ojú lé ihò ẹní. Àwọn ọmọ tò mẹ́ta mẹ́ta: ara, èdè, ẹyẹ, igi, oko, ọmọ. Wọ́n yí, wọ́n yí. Alábẹ̀wò ń mi orí, ó ń fa ìlà. Ó fa ìlà kẹfà, ó gbé bírò dúró.

“Uṣu, sà,” ni Ọláwùmí wí. Àwọn ọmọ mẹ́ta bọ́ síta: u, ṣ, u. Wọ́n yí. Uṣu.

“Kí ni uṣu?”

“Ohun tí ẹ̀yin ń pè ní iṣu, sà. Bí a ṣe ń pè é ní Ìdànrè nìyẹn.”

“Èmi kò gbọ́ ọ rí. Kò sí nínú ìwé.” Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ló wá bà mí lẹ́rù jù. “Ènìyàn lè to lẹ́tà jọ kó ní ọ̀rọ̀ ni. Ta ló ń sọ ọ́?”

Ọláwùmí wo kíláàsì yíká. Ó ní, “Olúyẹ́misí, dìde. Kí ni ìyá rẹ ń pe ohun tí a fi ń gún iyán?”

Olúyẹ́misí dìde. Ó wo tíṣà rẹ̀. Ó wo pátákó tó wà lára ògiri.

“Iṣu ni, mà.”

Ọláwùmí sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Má bẹ̀rù. Èyí tí ẹ ń sọ nílé ni mò ń bèèrè.”

“Iṣu ni, mà.” Omi ti ń yọ lójú ọmọ náà.

Ó yíjú sí gbogbo kíláàsì, ó fẹ́ẹ̀ bẹ̀ wọ́n. “Ẹ̀yin ọmọ, kí là ń pè é nílé?”

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, geerege bó ṣe kọ́ wọn: “Iṣu!”

Mo ti fẹ́ fa ẹní yẹn ya kí n wọlé lọ sọ ọ́ fúnra mi. Alábẹ̀wò mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìwé rẹ̀ dé. Ọ̀gá àgbà wo ilẹ̀. Ọláwùmí dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ sí ìdí ògiri, ó yọ pátákó náà, tó ti kọjú sí ògiri láti ọjọ́ Ẹtì, kúrò lára ìṣó, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó wá dúró níwájú alábẹ̀wò.

Ṣọ́ọ̀kì ọjọ́ Ẹtì ṣì wà lára rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà: MO SỌ UṢU.

Alábẹ̀wò kà á. “Ta ló kọ eléyìí?”

“Èmi ni, sà. Ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó dé rárá. Ọmọ yìí sọ ọ́, mo sì fi kọ́ ọ lọ́rùn títí ilé ìwé fi pa. Àwọn tó kù náà ti gbé e rí. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lè sọ ọ́ lójú mi.” “Ènìyàn kì í fi ọ̀rọ̀ tí kò sí jẹ ọmọ níyà, sà. Ó wà. Èmi ni mò ń lé e jáde.”

Alábẹ̀wò na ọwọ́, ó di pátákó náà mú lọ́rùn rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́ta yẹn láti ọ̀tún wá sí òsì. U. Ṣ. U. Ó tún ìwé rẹ̀ ṣí. Ó fa ìlà keje, ó kọ nǹkan, ó fi han ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà sì fi aṣọ ìnujú bo gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ni alábẹ̀wò yíjú padà, ó ní, “Ẹ bá mi yọ okùn yẹn kúrò lára pátákó, ìyá.”

Bí ó ṣe dúró síṣẹ́ nìyẹn, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló tún lò. Ọjọ́ yẹn gan-an ló fi pátákó náà dáná, èmi náà sì kó tèmi fún un. Ó kúnlẹ̀ síwájú Olúyẹ́misí lójú gbogbo kíláàsì, ó ní kó dárí ji òun, ọmọ náà ní “Ẹ má kúnlẹ̀, mà, ẹ má kúnlẹ̀,” òun náà sì kúnlẹ̀.

Olúyẹ́misí ti di nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́ báyìí. Kò gbàgbé tíṣà rẹ̀, Ọlọ́run á bùkún un. Ọdọọdún ni ó máa ń gbé iṣu wá láti oko bàbá rẹ̀, á sọ̀ ọ́ sílẹ̀ sí ìloro, á kí wa. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ tó bá ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ níta pé kó rọra gbé uṣu náà, kó má kán. Tó bá wọlé, tí Ọláwùmí bá bi í pé, “Kí lo gbé wá fún mi, ọmọ mi?” á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tẹrí ba.

“Iṣu ni, mà,” ni yóò wí.